Ojú Ìwé Kan Tí Báńkì Máa Kà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Oníṣòwò Ṣakí



Ẹnì kan gbé ìwé àbá òwò fún mi láti yẹ̀ wò kó tó mú un lọ sí báńkì. Ogójì ojú ìwé ni. Àkékúrú tó wà níwájú, tó yẹ kó fi gbogbo rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan, fi ìlà mẹ́wàá sọ ìtàn bàbá olówò náà, ó sì fi mẹ́fà yin iṣẹ́ àgbẹ̀. Ojú ìwé kẹtàlélógún ni mo ti rí iye tó fẹ́ yá. Ọjọ́ tí yóò san án padà, n kò rí i títí mo fi parí ìwé. Mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé báńkì ò ní dá ọjọ́ fún mi ni?" Wọn yóò dá a, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dá lè má bá òwò rẹ̀ mu rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹ̀yáwó wò ní ọ̀pọ̀ ìwé lórí tábìlì. Bó bá ka ojú ìwé àkọ́kọ́ tí kò rí ọ̀nà tí owó yóò gbà padà, kò ní ṣí èyí tó kù. Ní Òkè-Ògùn tiwa, ọ̀nà tí owó ń gbà padà kò ṣeé yà kúrò lára ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò.

Ẹ jẹ́ ká fi òwò tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ra gbodo, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń ta elúbọ́. Iye tí mo máa dá, fún ìṣirò nìkan ni, ẹ má fi ná ọjà lọ́la. Ìgbà ọyẹ́ ni iṣu pọ̀, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń sá gbodo dáadáa, nítorí náà ó ń pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí òjò bá dé, kò sẹ́ni tó lè sá a kó gbẹ. Ẹni tó bá tọ́jú tirẹ̀ pamọ́ ló máa rí owó gidi. Èrè òwò yìí kò sí nínú ọlọ. Inú ìfaradà láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí oṣù Agẹmọ ló wà.

Ilé iṣẹ́ náà ní ₦4 mílíọ̀nù, ó fẹ́ yá ₦6 mílíọ̀nù. Ó fẹ́ fi ₦8 mílíọ̀nù ra àpò gbodo 160 ní ₦50,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦2 mílíọ̀nù tó kù wà fún ilé ìkẹ́rù, ọlọ, àpò tuntun àti ọkọ̀. Nínú àpò mẹ́wàá, a gbà pé ọ̀kan yóò bá kòkòrò àti ìyẹ̀fun tó ń fò dànù lọ, nítorí náà 144 ni a máa tà. Bí èlé bá jẹ́ 30 nínú 100 lọ́dún, tí gbogbo owó sì padà lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, èlé yóò jẹ́ ₦1,350,000. Gbèsè gbogbo jẹ́ ₦7,350,000.

Ẹ wá wo iye méjì tó ń jáde níbẹ̀. Bí a bá pín gbèsè náà sí àpò 144, ó fi díẹ̀ lé ní ₦51,000. Ìyẹn ni pé bí àpò elúbọ́ bá wọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, báńkì ṣì máa rí owó rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kí olówò tó rí ₦4 mílíọ̀nù tirẹ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ tà á ní nǹkan bíi ₦79,000. Bí ó bá tà á ní ₦90,000 bó ṣe ń retí, owó tó wọlé jẹ́ ₦12,960,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,610,000. Bó bá jẹ́ ₦75,000 ni ọjà gbé e dé, báńkì gba tirẹ̀ tán, olówò pàdánù ₦550,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi èyí pa mọ́. Èmi ní kí ẹ kọ ọ́ síwájú. Ẹni tó fi hàn pé òun ni ìyà yóò kọ́kọ́ jẹ ni báńkì ń wá.

Báyìí ni àkékúrú náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Èdè Òyìnbó lẹ máa fi kọ ọ́ fún báńkì, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá rò ó:

"A ń tọrọ ₦6 mílíọ̀nù fún oṣù mẹ́sàn-án, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé ìparí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. A ó fi ₦4 mílíọ̀nù tiwa kún un láti ra àpò gbodo 160 nígbà ọyẹ́, kí a sì tà á ní elúbọ́ láàárín oṣù Agẹmọ sí Ọ̀wẹ́wẹ̀, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí a lè sá gbodo tuntun. Ní ₦90,000 lápò, ₦12,960,000 ni yóò wọlé. Bí iye náà bá já sí ₦52,000, owó báńkì ṣì pé. A kò ní lè san ojú owó kí oṣù Agẹmọ tó dé, nítorí inú ilé ìkẹ́rù ni yóò wà. Ọlọ wa àti ọjà inú ilé ìkẹ́rù ni ìdógò."

Gbólóhùn tó ṣáájú ti ìparí ni ẹ̀mí ìwé náà. Bí báńkì bá ní kí ẹ máa san ojú owó lóṣooṣù láti oṣù kìíní, ó lé ní ₦666,000 lóṣù kan, èlé ò tíì wọ̀ ọ́. Níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Ẹ máa yọ ọ́ nínú owó tí ẹ yá, tàbí kí ẹ ta gbodo ní Ẹrẹ́nà, nígbà tí kò tíì wọ́n. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tó kú báyìí, tí kò sì jẹ̀bi ohunkóhun ju pé ó fọwọ́ sí ìwé láìka ọjọ́.

Ní ti ìdógò, ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ ìdílé tí kò ní ìwé ìjọba. Òfin kan wáyé ní 2017 tó jẹ́ kí a lè fi ẹ̀rọ àti ọjà tó ṣeé gbé dógò, kí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ètò ìdúró fún ẹ̀yáwó iṣẹ́ àgbẹ̀ náà wà, tí òfin 1977 dá sílẹ̀ lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀. Bí gbèsè bá bàjẹ́, ó ń san 75 nínú 100 ohun tó kù fún báńkì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta ìdógò. Ẹ bi báńkì yín bóyá òwò yín wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé báńkì ni ètò yẹn ń dáàbò bò. Gbèsè ṣì wà lọ́rùn yín.

Mánijà tó bá mọ òwò yóò bèèrè bí ẹ ṣe mọ̀ pé gbodo náà yóò tọ́jọ́. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run máa ṣe é. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń ṣẹ́ gbodo wò kí ẹ tó rà á: èyí tó gbẹ máa dún páá, èyí tó ṣì lọ́rinrin máa tẹ̀, inú rẹ̀ ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ pé àpò yín kò kan ilẹ̀, àti pé ẹ ń tú wọn wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àkékúrú yìí ló wà níwájú, òun lẹ sì máa kọ gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ìṣirò bá ti dúró. Bí wọ́n bá wá ní, "A ó fún yín ní mílíọ̀nù mẹ́rin dípò mẹ́fà," ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ gbé ìwé náà padà sílé, ẹ tún un ṣírò láti òkè, nítorí onílé ìkẹ́rù kò ní dín owó ilé rẹ̀ kù torí pé àpò yín dín kù.