Póòsì Kafé Ọjọ́ Fọmasíọ̀n: Kí Olúkúlùkù Lè Rí Nǹkan Jẹ

Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ̀yin tí mẹ́rì tàbí ilé iṣẹ́ kan máa ń ránṣẹ́ sí pé, "Ìyá, ọgbọ̀n èèyàn ń bọ̀ wá ṣe fọmasíọ̀n lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ẹ bá wa ṣètò póòsì kafé wọn." Ẹ lè máa sọ nínú yín pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ó ti tó ọdún mélòó kan, èmi náà wà lára àwọn tó jókòó níbi fọmasíọ̀n kan. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, wọ́n gbé páté wọlé, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n ki ẹran sínú rẹ̀ tí wọ́n sì dín. Ẹnìkan béèrè irú ẹran tó wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé e wá ní òmíràn jẹ́ ẹran màlúù, òmíràn jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n inú abọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́. Ohun mímu tí wọ́n gbé tẹ̀ lé e, síkrírì inú ìgò ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Mùsùlùmí ni. Kò lè fọwọ́ kan páté yẹn. Ó ní àtọ̀gbẹ, dókítà sì ti ní kó yẹra fún síkrírì. Ó mu omi, ó dákẹ́. Ohun tí èmi kò mọ̀ nígbà náà ni pé ó ti gbé oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ mì ní ìdájí kó tó wọ ọkọ̀, ó gbà pé òun yóò jẹun ní aago mẹ́wàá. Kí aago méjìlá tó lù, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Àwọn kan ní ooru ló mú un. Wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń da omi sí i lórí.

Kì í ṣe ooru. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo oògùn àtọ̀gbẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ẹ̀súlínì àti àwọn oògùn oníhóró kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá lò ó tí kò jẹun, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, tí ẹni náà sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ pò ó sínú omi díẹ̀. Ìdajì ife síkrírì gan-an tó dára. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí ojú rẹ̀ kò bá tíì dá, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ojú rẹ̀ bá dá, kó wá jẹ oúnjẹ gidi, nítorí ṣúgà yẹn kì í pẹ́ tán. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kó má bàa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ti ìyá tiwa, síkrírì tó yẹra fún láàárọ̀ la fi gbé e dìde. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó yá.

Páté kan tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ òmíràn ló fa gbogbo èyí. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ ra ohunkóhun, ẹ sọ fún ẹni tó pè yín pé kó bá yín béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀: kí ni ẹ kì í jẹ, ṣé ẹ ó gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé àìlera kan wà tó kan oúnjẹ yín? Ẹ kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni, iye wọn nìkan tó. Kí ó má sì jẹ́ pé gbangba ni yóò ti béèrè. Ta ni yóò na ọwọ́ sókè láàárín ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ? Kó béèrè lórí fóònù, tàbí kó pín bébà kékeré.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé Mùsùlùmí nìkan ni ọ̀rọ̀ èèwọ̀ oúnjẹ kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tó bẹ̀rẹ̀ ní Pọ́tò-Nóvò níbí ní ọdún 1947, kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í mu ọtí. Àwọn Adifẹ́ńtì náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àti nínú ẹja, èyí tó ní ìpẹ́ àti lẹbẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ, nítorí náà àrọ̀ kò bá wọn mu, ẹpìyà ló bá wọn mu. Àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í jẹ epo pupa. Àwọn tó ń bọ Èṣù kì í fẹ́ gbọ́ òórùn àdí. Mùsùlùmí tó bá jẹ ẹran yóò fẹ́ mọ ẹni tó pa á, Kristẹni kan sì wà tí kì í jẹ ẹran tí wọ́n pa lórúkọ ẹ̀sìn mìíràn. Bí ẹ bá ní kí ẹ wá ẹran tí gbogbo wọn yóò fẹ́, ilẹ̀ yóò ṣú.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi ẹran sí póòsì kafé rárá. Ẹ fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣe olórí oúnjẹ. Òróró òwú ni kí ẹ pò ó, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe àdí. Ẹ má fi edé sí i, ẹ má sì fi kúbù sí i, nítorí iyọ̀ inú kúbù pọ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àlùbọ́sà, ata díẹ̀ àti iyọ̀ tí kò pọ̀ tó. Ẹ se ẹyin, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí oníkálùkù bó o fúnra rẹ̀. Ẹ fi wàgáṣì tí ẹ dín sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹnìkan bá bi yín pé ṣé nǹkan ẹran wà nínú ohun tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà yẹn dì, ẹ lè dá a lóhùn: oje ewé bọ̀mubọ̀mu ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi òróró tuntun dín in. Òróró tí ẹ ti fi dín ẹlẹ́dẹ̀ lánàá ti di òróró ẹlẹ́dẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó lójú.

Ẹ̀pà sísè dára, ṣùgbọ́n inú abọ́ tirẹ̀ ni kó wà, kí ṣíbí rẹ̀ má kan òmíràn. Àwọn kan wà tí ẹ̀pà ń mú ètè àti ọ̀fun wọn wú, èèmí a sì há. Ìyẹn kì í ṣe èébọ̀ àṣejù o.

Ní ti ohun mímu, ẹ ṣe bísàpù láti ara ìṣápá pupa, ẹ sì se tíì koóko ọba, ṣùgbọ́n ẹ má da ṣúgà sí i nínú ìkòkò. Ẹ gbé ṣúgà oníhóró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ méjì yóò mú méjì, ẹni tí kò fẹ́ kò ní mú. Ìgò síkrírì kékeré kan máa ń ní ṣúgà tó tó ẹyọ mẹ́fà tàbí méje nínú, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ tún rí i pé ṣúgà orí tábìlì yẹn wúlò bí ti ìyá yẹn bá tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé orí owó. Lẹ́yìn náà, àbúrò mi kan ní Kétu gba irú iṣẹ́ yìí: èèyàn 30, fráǹkì 30,000. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ ka àwọn tí ilé iṣẹ́ kò kà. Ó rí ọlọ́dẹ méjì, dẹ̀rẹ́bà kan àti ìyá tó ń gbálẹ̀. Àwọn yẹn náà ń gbóòórùn oúnjẹ. Wọ́n di 34. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ 72, ní 100 fráǹkì ẹyọ kan, gba 7,200. Ẹyin 36 gba 3,600. Wàgáṣì mẹ́ta tó gé sí wẹ́wẹ́ gba 4,500. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ gba 3,000. Ó ná 4,500 lórí omi, bísàpù, koóko ọba àti ṣúgà, ó ná 4,200 lórí èédú, ewé, ọṣẹ ìfọwọ́ àti sẹ́mídjàn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó ṣẹ́kù jẹ́ èrè rẹ̀, yàtọ̀ sí èrè orí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó sè fúnra rẹ̀. Iye ọjà ọjọ́ náà nìyẹn, ẹ wo ti yín. Bí owó bá kéré sí i, wàgáṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, ẹ má yọ ẹyin.

Aago ṣe pàtàkì. Oúnjẹ sísè kì í dúró ju wákàtí méjì lọ láìgbóná, nínú ooru tiwa yìí, wákàtí kan ni mo máa ń sọ. Ẹ má se ọ̀lẹ̀lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ fi sórí iná láàárọ̀, kó jinná ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ẹ kó o sínú kúlà tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn, ẹ sì dé e pa. Bí ẹ bá ṣí i ní aago mẹ́wàá, èéfín gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ bá rí i pé ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọ̀gá tó ń kọ́ wọn kò sì tíì dákẹ́, ẹ wọlé lọ sọ fún un. Mo mọ̀ pé ó ń tini lójú. Ẹ lọ.

Bí ó bá jẹ́ oṣù Ààwẹ̀, àwọn kan máa ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún aláàwẹ̀ pé kó mú lọ sílé fi ṣínu. Láti aago mẹ́wàá dé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, ó ti bàjẹ́, bí kò tilẹ̀ kan. Ẹyin sísè náà ń kọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tí ẹ ó dì fún un ni èso dábínù, ọsàn tí ẹ kò tíì bó, búrẹ́dì àti omi. Àbúrò mi di mẹ́fà, ó kọ ọ́ sí ara àpò pé ti ìṣínu ni, ó sì gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n mú un nígbà tí wọ́n bá ń lọ, dípò kí wọ́n jókòó máa wo àwọn tó ń jẹun.