Òjò, Igbó àti Katakata

Lónìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé òjò wọnú igbó kìjikìji.

Igbó náà dà bí ilé alájà mẹ́rin. Lókè pátápátá ni àwọn igi bí àràbà tó yọrí ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Lábẹ́ wọn ni orí àwọn igi tó kù ti pàdé bí òrùlé. Àwọn igi kéékèèké tó ń dàgbà nínú òjìji ló tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ló sì kẹ́yìn, pẹ̀lú ewé tó ń jẹrà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òrùlé yẹn ló ń dáàbò bo ilẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan o. Omi tó kó jọ sórí ewé máa ń di ẹ̀kán ńlá, á sì já bọ́ pẹ̀lú agbára. Ewé jíjẹrà tó wà nílẹ̀ ló ń gba ẹ̀kán náà, ihò tí gbòǹgbò àti ekòló lu ló sì ń fa omi wọlẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal dán èyí wò ní IITA, n'Ìbàdàn níbí. Wọ́n pa igbó kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Níbi tí wọ́n ti ṣán an bí àgbẹ̀ ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe é, tí wọ́n dá igi díẹ̀ sí, omi tó ṣàn dànù lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bí 3 mìlímítà. Erùpẹ̀ tó bá a lọ kò tó nǹkan. Níbi tí katakata ti hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tí wọ́n sì tún tu ilẹ̀, omi náà tó 250 mìlímítà, erùpẹ̀ sì tó 20 tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan. Katakata ti gbá ewé jíjẹrà lọ, ó sì ti tẹ ilẹ̀ le.

Odò ló ń gba ìyẹn. Lóòótọ́, igi ń mu omi púpọ̀, nítorí náà omi odò lè pọ̀ sí i lọ́dún tí igbó bá lọ. Àmọ́ ó máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹrẹ̀. Èyí tó yẹ kó rìn lábẹ́ ilẹ̀ kó tó sun jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ. Tí odò àdúgbò yín bá ń pọ́n lẹ́yìn òjò, tó sì ń gbẹ kíákíá, ẹ wo òkè odò náà.

Òjò ńkọ́? Omi tí gbòǹgbò fà ń gba ara ewé padà sójú ọ̀run. Ní Amasónì, láwọn ọdún 1970, Eneas Salati àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí ìdajì òjò ibẹ̀ ni igbó fúnra rẹ̀ ń dá padà, tí atẹ́gùn ń gbé láti etí òkun wọ àárín ilẹ̀. Oko kékeré kan kò lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé igbó lọ rẹpẹtẹ, ẹni tó wà níwájú atẹ́gùn ni òjò máa wọ́n fún, bí kò tilẹ̀ gé igi kankan.