Nẹ́ẹ̀tì falẹ̀: ṣé inú ilé ni àbí òde?

Ní March 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, nẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Làìbéríà. Ṣùgbọ́n tó bá falẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Bushrod Island lónìí, ẹ má tíì di ẹ̀bi ru òkun. Ẹ kọ́kọ́ dán inú ilé wò.

Ẹ fi iperf3 sórí kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí ráútà kan náà. Ẹ tẹ èyí sórí àkọ́kọ́:

```
iperf3 -s
```

Ẹ tẹ èyí sórí èkejì, pẹ̀lú àdírẹ́sì àkọ́kọ́:

```
iperf3 -c 192.168.1.10
```

Fún ìṣẹ́jú àáyá 10, èkejì á máa da dátà sí àkọ́kọ́. Dátà yìí kò jáde nílé rárá.

Ká ní megabíìtì 20 lẹ ń sanwó fún, àmọ́ 3 ló ń wọlé. Tí iperf3 bá fi 940 hàn lórí wáyà, tí ti wáfáì náà sì ju 20 lọ, ilé yín mọ́. Ẹ pe iléeṣẹ́ tó ń ta nẹ́ẹ̀tì fún yín. Tó bá jẹ́ 94, ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n 94 ṣì ju 20 lọ, òun kọ́ ló fà á. Tó bá jẹ́ 4 lórí wáfáì, tí wáyà sì fún yín ní 940, wáfáì ni ọ̀rọ̀ wà: ẹ sún mọ́ ráútà, kí ẹ tún un dánwò.

Ẹ fi `-R` kún àṣẹ orí kọ̀ǹpútà kejì láti wọn ìdàkejì, torí ọ̀nà kan lè dára kí èkejì bàjẹ́.