Bí a ṣe ń ka àkókò kapasítọ̀ lójú ọsilosíkóòpù

Ẹni tó bá ra kapasítọ̀ àlòkù ní ọjà Pantẹ́kà ní Kàdúná yìí lè rí 104K lára rẹ̀. 104 ń sọ pé ó jẹ́ 0.1 máíkírófárádì, K ní ó lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín. Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣèlérí nìyẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọdún pípẹ́ nínú ooru ẹ̀rọ, ọsilosíkóòpù lè fi hàn wá.

Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ kan sáàárín orísun iná àti kapasítọ̀ náà. Bí iná bá dé, kapasítọ̀ á kọ́kọ́ yára gbà á, nítorí òfìfo ni. Ṣùgbọ́n bí fóltì inú rẹ̀ ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ fóltì tó ń ti iná gba inú rẹ̀sísítọ̀ kọjá ń dín kù, ìyára náà sì ń rẹlẹ̀. Àkókò tó fi rin ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ là ń pè ní òdiwọ̀n àkókò, àmì rẹ̀ sì ni tàú:

τ = R × C

Nínú tàú kejì, yóò tún rin ìdá 63 nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn tàú márùn-ún, ó ti lé ní ìdá 99. A lè sọ pé ó kún.

Ẹ mú rẹ̀sísítọ̀ kílóómù 10. Pẹ̀lú 0.1 máíkírófárádì, tàú yẹ kó jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 1. Ẹ fi ìgbì onígun tó ń lọ láti 0 sí fóltì 5 ránṣẹ́ láti inú ẹ̀rọ ìgbì, kí ó jẹ́ 100 hátìsì. Mílísẹ́kọ́ńdì 5 ni yóò fi wà lókè, èyí tó tó tàú márùn-ún gẹ́lẹ́. Ẹ gbé púróòbù lé kapasítọ̀, kí ẹ yan DC, kì í ṣe AC.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn níbi yìí. Ẹ yí bọ́tìnì kékeré tó wà lára VOLTS/DIV títí ìlà náà yóò fi kún àpótí mẹ́jọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ó bá kúrò ní CAL, kò léwu, nítorí ìdá là ń wá, kì í ṣe iye fóltì. Àmọ́ ti TIME/DIV kò gbọdọ̀ kúrò ní CAL láé, torí àkókò gan-an là ń kà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fẹ ìlà náà sí mílísẹ́kọ́ńdì 0.2 fún àpótí kan, kí ẹ sì wo ibi tó ti gé òkè àpótí karùn-ún láti ìsàlẹ̀ kọjá. Márùn-ún nínú mẹ́jọ jẹ́ ìdá 62.5, ó kù díẹ̀ kó tó 63.2, nítorí náà àkókò tí ẹ bá kà yóò fi nǹkan bí ìdá méjì kéré.

Ká ní ìlà náà gé e ní àpótí 4.5 sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mílísẹ́kọ́ńdì 0.90 nìyẹn, tí a bá tún un ṣe, ó di 0.92. Ká ní mítà sọ pé rẹ̀sísítọ̀ jẹ́ kílóómù 9.9. Ẹ fi óómù 50 tó sábà máa ń wà nínú ẹ̀rọ ìgbì kún un. Ẹ wá pín: kapasítọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.092 máíkírófárádì. Ó ti dín, ṣùgbọ́n K ṣì gbà á láyè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìgbì tó yára jù. Bí ẹ bá gbé e sí 500 hátìsì, pẹ̀lú tàú mílísẹ́kọ́ńdì 1, kapasítọ̀ kò ní kún, kò sì ní tán. Láàárín fóltì 1.34 àti 3.66 ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀. Ẹni tó bá wá ìdá 63 nínú ohun tó rí yìí yóò ka mílísẹ́kọ́ńdì 0.51, ìlàjì òtítọ́! Bí orí ìlà náà kò bá tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó yí padà, ẹ má kà á.

Ọsilosíkóòpù fúnra rẹ̀ náà ń mu iná. Ẹnu rẹ̀ sábà jẹ́ mẹ́gáóómù 1. Lára kílóómù 10, èyí kò ju ìdá kan lọ. Ṣùgbọ́n bí rẹ̀sísítọ̀ yín bá jẹ́ mẹ́gáóómù 1, fóltì ìkẹyìn á di 2.5 dípò 5, tàú náà á sì pín sí méjì. Ìlà yóò rẹwà lójú, irọ́ ni yóò máa pa. Púróòbù x10 ń sọ ẹnu náà di mẹ́gáóómù 10, àṣìṣe á sì wá sílẹ̀ sí bí ìdá mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí hátìsì náà sókè fúnra wọn, kí wọ́n ka 0.51 yẹn, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fún wọn ní máàkì.