FÍDÍÒ ÌṢẸ́JÚ-ÀÁYÁ 15 FÚN BÚRẸ́DÌ ÒPIN Ọ̀SẸ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ṣe búrẹ́dì sọ)



Ìṣẹ́jú-àáyá 15 kò gbà ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 40 lọ. Nítorí náà, kí á tó kọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á ṣírò ohun tí apá wa ká.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé búrẹ́dì kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ààrò rẹ̀ ń gba páànù 40, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì lè yan búrẹ́dì kí aago méje òwúrọ̀ Sátidé tó lù. Búrẹ́dì 80 nìyẹn. Bí a bá fi 20 sílẹ̀ fún àwọn tí ń rà lẹ́nu ọ̀nà, 60 ni a lè gba owó rẹ̀ sílẹ̀. ₦1,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan; a dín ₦200 fún ẹni tó bá sanwó ṣáájú. Gbogbo ẹ̀dínwó náà jẹ́ ₦12,000, iye búrẹ́dì mẹ́jọ. Bí mẹ́jọ nínú 60 bá ti máa ń ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, a kò pàdánù. Bí kì í bá ṣẹ́kù tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀dínwó náà kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ fídíò náà nìyí:

0 sí 3: Ọwọ́ méjì ń ya búrẹ́dì. Ohùn: “Búrẹ́dì gbígbóná, láàárọ̀ Sátidé!”

3 sí 8: Búrẹ́dì lórí tábìlì. Àkọlé: ₦1,300 dípò ₦1,500, Ọjọ́bọ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ohùn: “Ẹ sanwó kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lù, kí á dín igba náírà fún yín.”

8 sí 12: A ń kọ orúkọ oníbàárà sára ọ̀rá búrẹ́dì. Àkọlé: 60 péré; aago 7 sí 10, àti ọjọ́ oṣù Sátidé náà. Ohùn: “Ọgọ́ta péré ni. Ẹ wá gbà á láàárín aago méje sí mẹ́wàá.”

12 sí 15: Orúkọ ilé búrẹ́dì, àdúgbò àti nọ́ńbà tẹlifóònù. Ohùn: “Ẹ fi iye tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ́sáàpù.”

A mú Ọjọ́bọ̀ nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni a ó ra fùláwà, alẹ́ rẹ̀ ni a ó sì pò ó. Bí fídíò kò bá dá ọjọ́, owó yóò ṣì máa wọlé nígbà tí a ti pò ó tán, ìjà yóò sì dé ẹnu ọ̀nà ní Sátidé. A kọ ọjọ́ oṣù sí i nítorí pé àwọn ènìyàn yóò ṣì máa fi fídíò náà ránṣẹ́ síra wọn lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ ti kọjá. Àkọlé sì wà nítorí pé ọ̀pọ̀ ni kì í ṣí ohùn rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ fi han aládùúgbò kan. Ẹ bi í léèrè pé: èló ni, ìgbà wo ni owó gbọ́dọ̀ wọlé, ibo ni a ó ti gbà á? Èyí tí kò bá lè dáhùn ni kí ẹ tún kọ. Nígbà tí 60 bá sì pé, ẹ yọ fídíò náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.